Èrè Kò Sí Nínú Àpò Kan: Ìdáwó Ọjà àti Iye Ìkájú Nínú Ìṣirò Ìnáwó Ilé Iṣẹ́ Gàrí

1. Ìfáárà

Bí a bá dúró níbi tí wọ́n ti ń ta gàrí ní agbègbè Akínyẹlé, yálà ní Móníyà tàbí ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í pẹ́ tí a fi ń gbọ́ kí ọlọ́jà sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Ojú owó ni mo tà á fún yín, n kò jèrè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀." Gbólóhùn náà yé àwọn méjèèjì. Ojú owó ni iye tí ọlọ́jà fi ra ọjà. Èrè ni ohun tí ó lé lórí rẹ̀. Àdánù ni ohun tí ó dín sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí tó lò fún ẹni tí ń ra ọjà láti tún un tà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣe ọjà fúnra rẹ̀, tí ó ní ẹ̀rọ, tí ó ń san owó ilé, tí ó sì ní òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù, wọn a máa ṣì í lọ́nà. Ó lè kọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó gbà, ó sì lè máa yọ̀ lórí èrè tí kò tíì sí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé èrò méjì tí ó ṣe pàtàkì nínú ìṣirò ìnáwó, kí a sì dábàá orúkọ tí a lè máa pè wọ́n ní èdè Yorùbá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Wọn kò wọ inú ìṣirò owó, nítorí pé kì í ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n nìyẹn. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní láti wá orúkọ fúnra rẹ̀. Èrò wa ni pé orúkọ tí ó bá yàn yóò pinnu bóyá ohun tí ó ń kọ́ni yóò yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí yóò dà wọ́n lójú rú.

2. Ilé iṣẹ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Gàrí ni a yàn, nítorí pé kò sí ohun tí a ń ṣe ní abúlé Akínyẹlé tí ó wọ́pọ̀ jù ú lọ tí ìnáwó rẹ̀ sì hàn gbangba bẹ́ẹ̀. Agbègbè yìí kan náà ni Ilé Ìwádìí Àgbáyé fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Olóoru, IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, wà, níbi tí a ti ṣe àwọn irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn kò tètè ń ràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ó ní ẹ̀rọ ìlọgàrí kan, jáàkì méjì tí a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ jáde, àti agbada ńlá mẹ́ta. Iye owó tí a óò lò jẹ́ ti àpẹẹrẹ. A yàn wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn, kì í ṣe iye ọjà ọjọ́ kan pàtó. Ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ tí gàrí ń gbà ni kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán. Lẹ́yìn tí a bá ti bó ẹ̀gẹ́, tí a lọ̀ ọ́, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a jọ̀ ọ́, tí a sì yan án, ohun tí ó máa ń ṣẹ́kù kì í sábà ju ìdá márùn-ún tàbí ìdá mẹ́rin ìwọ̀n tí a gbé wọlé lọ. A óò lo ìdá márùn-ún: ẹ̀gẹ́ 250 kìlógíráàmù ni yóò di àpò gàrí kan tí ó wọn 50 kìlógíráàmù.

Àpò kọ̀ọ̀kan ni a ń tà ní ₦32,000. Kí àpò kan tó jáde, a ó ra ẹ̀gẹ́ ₦20,000, ìyẹn ₦80 lórí kìlógíráàmù kan. A ó san ₦1,500 fún àwọn obìnrin tí ń bó o, ₦1,000 fún dísù tí ẹ̀rọ jẹ, ₦2,000 fún ẹni tí ó yan án, ₦1,000 fún igi ìdáná, àti ₦500 fún àpò àti okùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦26,000.

Lóṣooṣù, bí iṣẹ́ pọ̀ bí iṣẹ́ kò pọ̀, ilé iṣẹ́ náà ń san ₦60,000 fún ilé, ₦90,000 fún ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, àti ₦50,000 fún ọdẹ. Ẹ̀rọ àti jáàkì tí a rà ní ₦2,400,000, tí a sì retí pé wọn yóò lò fún ọdún 5, ń gbó ní ₦40,000 lóṣù. Àpapọ̀ èyí jẹ́ ₦240,000.

3. Ìnáwó adúró àti ìnáwó abáṣẹ́rìn

Ìpín méjì tí a ṣe yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó kù. Àwọn kan a máa pè wọ́n ní ìnáwó tí kì í yí padà àti ìnáwó tí ń yí padà. Orúkọ náà kò burú lójú, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ "ìnáwó tí ń yí padà" yóò rò pé ohun tí iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò lọ́jà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó ilé lè gbówó lórí lọ́dún tí ń bọ̀, síbẹ̀ kò kúrò ní ìpín tí a fi í sí. Ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan ń pọ̀ sí i bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀, èkejì kò sì mọ̀ bóyá a ṣiṣẹ́ tàbí a kò ṣe.

Ẹ̀tàn kejì tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá wo àpò kan ṣoṣo, àwọn orúkọ náà yóò yí po. Ẹ̀gẹ́ inú àpò kan jẹ́ ₦20,000, ìbáà ṣe àpò 20 ni a ṣe tàbí àpò 60. Ṣùgbọ́n ₦240,000 tí a ní kì í yí padà yóò jẹ́ ₦12,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan bí a bá ṣe àpò 20, yóò sì di ₦4,000 bí a bá ṣe àpò 60. Ohun tí a pè ní aláìyípadà wá ń yí, ohun tí a pè ní ayípadà sì dúró lójú kan. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò, orúkọ ni ó dè é lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, a dábàá ìnáwó adúró fún èyí tí ó wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ bá wà tàbí kò sí, àti ìnáwó abáṣẹ́rìn fún èkejì. A-bá-iṣẹ́-rìn ni ọ̀rọ̀ kejì, irú ìṣẹ̀dá tí a ní nínú abánigbélé. Ó sọ ohun tí a fẹ́ gan-an: níbi tí iṣẹ́ bá dé ni òun náà ń dé, bí iṣẹ́ bá dúró, òun náà a dúró.

Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ há ìpín yìí sórí bí àkọsórí. Kì í ṣe irú ohun tí a náwó lé lórí ni ó ń pinnu ìpín rẹ̀ bí kò ṣe àdéhùn tí a bá ẹni tí a ń san án fún ṣe. Àwọn obìnrin tí ń bó ẹ̀gẹ́ ń gbowó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí wọ́n bó. Abáṣẹ́rìn ni owó wọn. Bí a bá gba àwọn kan náà síṣẹ́ olówó oṣù lọ́la, owó wọn ti di adúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀bẹ kan náà àti ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n ṣì ń lò. Ẹni tí ó bá túmọ̀ "owó òṣìṣẹ́" sí ìpín kan ṣoṣo ti ṣi ìtumọ̀ ṣe.

4. Ìdáwó ọjà

A ta àpò kan ní ₦32,000. Àpò náà fúnra rẹ̀ ti jẹ ₦26,000. Ó ku ₦6,000. Kí ni a ó máa pe ₦6,000 yìí?

Ọlọ́jà yóò ní èrè ni, èrè orí àpò kan. Ibi tí gbogbo àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ta àpò kan ṣoṣo lóṣù, tí ó sì tìlẹ̀kùn, kò jèrè ₦6,000. Ó pàdánù ₦234,000, nítorí pé onílé, olùtọ́jú ẹ̀rọ àti ọdẹ ṣì ń retí owó wọn, ẹ̀rọ náà sì ń gbó lọ. ₦6,000 yẹn kì í ṣe ti olówó ilé iṣẹ́. Ohun tí àpò kan dá lélẹ̀ láti fi san ìnáwó adúró ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí mu ti wà nínú èdè wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ra aṣọ tàbí tí ẹbí bá fẹ́ ṣe òkú àgbà, olúkúlùkù a dá owó. Kò sí ẹni tí ń pe ìdáwó tirẹ̀ ní èrè ẹgbẹ́ nígbà tí owó kò tíì pé. Ìgbà tí owó bá pé tí ó sì ṣẹ́kù ni a tó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a óò fi èyí tí ó ṣẹ́kù ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpò gàrí kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá ₦6,000 tirẹ̀ sínú àpò owó kan náà. A dábàá ìdáwó ọjà fún èrò yìí, àti ìdáwó ẹyọ nígbà tí a bá ń sọ ti àpò kan.

A gbé ọ̀rọ̀ méjì mìíràn yẹ̀ wò kí a tó fi wọ́n sílẹ̀. Ìdá nìkan ìbá kúrú, ṣùgbọ́n a ti ń lò ó fún ìpín nínú ìṣirò, bí a ti wí pé ìdá mẹ́rin tàbí ìdá márùn-ún lókè yìí, ìdàrúdàpọ̀ yóò sì wáyé. Èsúsú kò ṣe é lò, nítorí pé owó èsúsú a máa padà sọ́wọ́ ẹni tí ó dá a. Ìdáwó àpò gàrí kì í padà sí inú àpò. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì so mọ́ èyí, tí ó túmọ̀ sí etí tàbí bèbè, ni a mọ̀ọ́mọ̀ fò, nítorí pé kò fi ohunkóhun kún ìtumọ̀.

5. Iye ìkájú

Bí ìdáwó ẹyọ bá jẹ́ ₦6,000, tí ohun tí a ń dáwó sí sì jẹ́ ₦240,000, ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e kò ju ọ̀kan lọ: àpò mélòó ni yóò dá a pé?

Iye ọjà ìkájú = ìnáwó adúró ÷ ìdáwó ẹyọ
240,000 ÷ 6,000 = 40

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà bá ta àpò 40, ₦1,280,000 ni ó wọlé. Àwọn àpò náà jẹ ₦1,040,000, ìnáwó adúró sì jẹ́ ₦240,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦1,280,000 gan-an. Kò jèrè, kò pàdánù. Àpò kọkànlélógójì ni àpò àkọ́kọ́ tí ₦6,000 rẹ̀ ń jẹ́ èrè. Bí ó bá ta àpò 50, mẹ́wàá tí ó lé ni ó mú èrè wá, ìyẹn ₦60,000. Bí ó bá ta 20 péré, ó pàdánù ₦120,000.

Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí ó ta 20 yìí, kò ní dára kí ó tìlẹ̀kùn láàárín oṣù nítorí àdánù. Bí ó bá tìlẹ̀kùn pátápátá, tí owó ilé àti owó oṣù sì ń lọ, ₦240,000 ni yóò pàdánù. Àpò 20 tí ó tà ti gbà á lọ́wọ́ ìdajì rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àpò kan bá ṣì ń dáwó, ó sàn kí a ṣe é ju kí a má ṣe é lọ. Ìgbà tí ó bá hàn pé àwọn oṣù tí ń bọ̀ kò ní dé 40 mọ́ ni ó yẹ kí a ronú láti fi ilé náà sílẹ̀.

Ní ti orúkọ, Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí fọ́ àti èyí tí ó túmọ̀ sí dọ́gba pọ̀. Bí a bá tú u ní ẹyọ ẹyọ, ohun tí a óò ní ni "fífọ́ dọ́gba", tí kò sọ ohunkóhun fún ọmọ Yorùbá. "Ojú owó" ni àwọn mìíràn yóò fẹ́ lò, nítorí pé ẹni tí ó ta ọjà lójú owó kò jèrè, kò sì pàdánù. Ṣùgbọ́n ojú owó jẹ́ iye owó ẹyọ ọjà kan. Ohun tí a ń wá níhìn-ín kì í ṣe iye owó rárá, òǹkà ni: àpò mélòó. A lè ta gbogbo àpò ní iye tí ó ju ojú owó lọ kí a sì tún pàdánù bí àpò náà kò bá pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a rí pé ó bá a mu ni kájú. A máa ń sọ pé, "Owó yìí kò kájú ìnáwó ọ̀hún," ìyẹn ni pé kò tó o. Iye tí ọjà fi kájú ìnáwó ni a ń pè ní iye ìkájú. Bí òǹkà ọjà ni a ń sọ, kí a pè é ní iye ọjà ìkájú, àpò 40. Bí owó tí ó wọlé ni, kí a pè é ní owó ọjà ìkájú, ₦1,280,000. Àpò 10 tí ó wà láàárín 40 àti 50 ni a dábàá pé kí a máa pè ní àyè ààbò: títí ọjà yóò fi dín tó bẹ́ẹ̀, àdánù kò tíì dé.

6. Oníbàárà tí ó fẹ́ àpò mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí orúkọ ti ń náni lówó. Ilé iṣẹ́ wa ń ta àpò 50 lóṣù, agbada rẹ̀ sì lè yan 60. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ àpò 10 lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ₦30,000 ni òun yóò san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà gbé ìwé rẹ̀ jáde. Àpò 50 jẹ ₦1,300,000, ìnáwó adúró jẹ́ ₦240,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,540,000. Ó pín in sí ọ̀nà 50, ó sì rí ₦30,800. "Bàbá," ni ó wí, "ojú owó àpò kan jẹ́ ₦30,800. Bí a bá tà á ní ₦30,000, a óò pàdánù ₦800 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan." Wọ́n kọ iṣẹ́ náà.

Ìṣirò akọ̀wé náà péye, ìpinnu tí ó bí ni kò péye. Nínú ₦30,800 yẹn, ₦4,800 jẹ́ ìpín ìnáwó adúró, tí àwọn àpò 50 àkọ́kọ́ ti san tán. Onílé kò ní béèrè owó sí i nítorí àpò 10 tí ó lé. Ohun tí àpò mìíràn yóò jẹ kò ju ₦26,000 lọ. Nítorí náà, ní ₦30,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìbá dá ₦4,000, mẹ́wàá ìbá sì dá ₦40,000, èrè oṣù náà ìbá kúrò ní ₦60,000 bọ́ sí ₦100,000. Ọ̀rọ̀ náà, ojú owó, ni ó gba ₦40,000 lọ́wọ́ wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n gbà pé ₦30,800 jẹ́ ohun kan tí ó wà nínú àpò gàrí, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí pípín sí ọ̀nà 50 bí ni, tí yóò sì yí padà bí a bá pín in sí ọ̀nà 60.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ẹ̀kọ́ yìí di òfin pé owó kékeré sàn ju àìrí owó lọ. Bí àwọn oníbàárà àtijọ́ bá gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ rà á ní ₦30,000, tí àwọn náà sì fa owó wálẹ̀ dé ibẹ̀, ìdáwó gbogbo àpò yóò di ₦4,000, iye ìkájú yóò sì kúrò ní 40 di 60. Ilé iṣẹ́ náà yóò yan gàrí dé ibi tí agbada rẹ̀ lè yan dé, yóò ta gbogbo rẹ̀ tán, kò sì ní jèrè kọ́bọ̀. Ohun méjì ni ó yẹ kí a béèrè kí a tó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ṣé àyè wà nínú agbada, ṣé a sì lè ya oníbàárà yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó kù?

7. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ kò bá mú gàrí wá tó

Ewu tí ó wọ́pọ̀ jù ní Akínyẹlé kì í ti ọ̀dọ̀ oníbàárà wá, inú ẹ̀gẹ́ ni ó wà. Ẹ̀gẹ́ tí kò gbó, tàbí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, kì í mú gàrí wá bí èyí tí ó gbó. Ẹni tí ó rà á san owó omi, jáàkì sì fún omi náà dànù.

Ká ní àpò kan wá gba 275 kìlógíráàmù dípò 250. Ẹ̀gẹ́ náà di ₦22,000, ìnáwó abáṣẹ́rìn di ₦28,000, ìdáwó ẹyọ sì já sí ₦4,000. Iye ìkájú di 60. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ìdá mẹ́wàá péré ni ẹ̀gẹ́ fi pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye ìkájú fi ìdajì pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú owó àpò, ìdáwó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun kékeré tí ó bá bu ohun ńlá díẹ̀ a máa bu ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ń ta 50 tí ó sì ń jèrè ₦60,000 ti bọ́ sínú àdánù ₦40,000, kò sì tíì mọ̀, nítorí pé iye tí ó ń ra ẹ̀gẹ́ kò yí padà, iye tí ó ń ta gàrí kò sì yí padà.

Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Kì í sábà fi òṣùwọ̀n ra ẹ̀gẹ́. Ẹrù ọkọ̀ ni ó ń rà. Ohun tí ó yẹ kí ó máa kọ sílẹ̀ ni iye àpò tí ẹrù ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mú wá. Bí ẹrù tí ó máa ń mú àpò 11 wá bá ti wá ń mú 10 wá, ohun tí a ṣírò yìí gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Kí ó dúnàádúrà lórí ẹrù tí ó tẹ̀ lé e, tàbí kí ó ra oko mìíràn. Kò lè kó ẹ̀gẹ́ náà pamọ́ títí ọjà yóò fi dára, nítorí pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a ti wú u ni ó ti ń bàjẹ́.

8. Ààlà ìṣirò yìí

Ìnáwó adúró kò dúró títí ayé. Bí ilé iṣẹ́ náà bá fẹ́ ṣe ju àpò 60 lọ, yóò mọ ààrò mìíràn, yóò ra agbada, bóyá yóò gba ilé sí i. Ìnáwó adúró yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni gun àkàsọ̀, a ó sì tún iye ìkájú ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí a máa sọ oṣù tí iye ìkájú kan wà fún àti ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó kàn.

Ohun kejì ni ohun tí a kò kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá padà wo ìnáwó adúró wa, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ náà kò kọ owó iṣẹ́ ara rẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó ń lọ wo oko, tí ó ń dúró ti agbada, tí ó sì ń kó gàrí lọ sọ́jà. Bí ó bá lè gba ₦60,000 lóṣù níbòmíràn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó fi í kún un: ìnáwó adúró di ₦300,000, iye ìkájú sì di àpò 50. Àpò 50 náà ni ó ń tà. ₦60,000 tí ó ti ń pè ní èrè láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì jèrè. Bákan náà ni ẹni tí ó gbàgbé pé ẹ̀rọ ń gbó yóò rò pé àpò 34 ti tó òun, títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò kọ iṣẹ́ tí kò ní sí owó láti ra òmíràn.

9. Àgbálọgbábọ̀

Èdè ọjà wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún èrè àti àdánù. Ohun tí ó ṣaláìní ni ọ̀rọ̀ tí ó dúró láàárín títa ọjà àti jíjèrè. Nítorí pé kò sí i, èrè ni a fi dí àyè náà, a sì ń pe ₦6,000 orí àpò kan ní ohun tí kò jẹ́. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ má ṣe lo èrè fún ẹyọ ọjà kan rárá. Kí ẹyọ máa dáwó; kí òǹkà máa kájú; lẹ́yìn ìkájú nìkan ni kí èrè tó wọlé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìwọ̀nyí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lè yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì tún wọn ṣe:

Ìnáwó adúró: ìnáwó tí àpapọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì dín, bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó láàárín ààlà kan.
Ìnáwó abáṣẹ́rìn: ìnáwó tí àpapọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ bí òǹkà ọjà ṣe ń pọ̀.
Ìdáwó ọjà: ohun tí ó kù nínú owó ọjà lẹ́yìn tí a bá yọ ìnáwó abáṣẹ́rìn rẹ̀, ti ọjà kan ṣoṣo ni ìdáwó ẹyọ.
Iye ìkájú: ibi tí àpapọ̀ ìdáwó ti bá ìnáwó adúró dọ́gba.
Àyè ààbò: ohun tí ọjà tí a ń tà fi ju iye ọjà ìkájú lọ.